Ìwé Akọ̀wé Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Bá Pín sí Méjì

Àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ nípa ohun kan tí a kọ́ ní ilé-ìwé wa, tí ó sì wúlò fún wa títí di òní. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò ti kọ nípa agogo òwúrọ̀, nípa pápá ìṣeré àti nípa ẹ̀wà ọjọ́ Sátidé. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ohun tí àwa mú jáde níbẹ̀ ni iṣẹ́ akọ̀wé. Kíláàsì kẹta ni a wà nígbà tí wọ́n fi ìwé ńlá ẹgbẹ́ àríyànjiyàn lé wa lọ́wọ́. Láti ìgbà náà wá, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, nínú ìjọ, àti nínú àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé tí a ti sìn, bí wọ́n bá ti béèrè pé, "Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀?", ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ojú ń yí sí.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan lónìí: ti ilé-ìwé, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tàbí ti àdúgbò. Nígbà tí àlàáfíà bá wà, ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé lè kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá ti pín sí méjì, tí àwọn kan kò kí àwọn kan mọ́, ni iṣẹ́ náà ń fi ara rẹ̀ hàn. Ìgbà bẹ́ẹ̀ nìkan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀gá ọmọ ogun kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Henry Martyn Robert, ẹnjiníà ni. Ní ọdún 1863, wọ́n fi í ṣe alága ìpàdé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní ìlú New Bedford. Kò mọ bí a ti í darí ìpàdé, ojú sì tì í gidigidi. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1876, ó tẹ ìwé òfin ìpàdé jáde, èyí tí àìlóǹkà ẹgbẹ́ àti ìjọ ṣì ń lò. Òfin tí ìwé náà fi lélẹ̀ fún akọ̀wé kò gùn: ohun tí ìpàdé ṣe ni kí akọ̀wé kọ, kì í ṣe ohun tí àwọn ènìyàn sọ níbẹ̀. A kà á nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì dàbí ọ̀rọ̀ gbígbẹ lójú wa. Ó tó ọdún mélòó kan kí a tó rí i pé ìdajì ìjà tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé ni kì bá má ṣẹlẹ̀ bí akọ̀wé bá tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Kì í ṣe ìtàn ilé-ìwé kankan. Àwa ni a dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ rí yóò mọ̀ ọ́n lójú. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kan ní ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá. Ọ̀gá ilé-ìwé máa ń wá síbẹ̀ láti jábọ̀, ṣùgbọ́n kì í dìbò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kó 4,800,000 náírà jọ fún òrùlé ilé ibùgbé àwọn ọmọbìnrin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ omi ilé-ìwé bàjẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé sì mú 1,350,000 náírà nínú owó òrùlé fi tún un ṣe, láì tíì gba àṣẹ ìgbìmọ̀. Ìpàdé dé. Aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dìde, ohùn rẹ̀ sì ga. Aṣojú àwọn òbí gbèjà ọ̀gá ilé-ìwé. Olóyè àgbàlagbà kan pa òwe. Wọ́n jiyàn fún wákàtí kan, wọ́n dìbò, ọ̀gá ilé-ìwé sì jáde kí ìpàdé tó parí. Èyí ni ohun tí akọ̀wé kan lè kọ nígbà tí ó bá délé:

"Aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ìbínú fẹ̀sùn kan ọ̀gá ilé-ìwé pé ó ná owó òrùlé ní ìnákúnàá. Ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́wọ́ pé òun mú owó náà, ṣùgbọ́n ó ń wá àwíjàre pé omi ló gbẹ. Aṣojú àwọn òbí gbè é lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá Olóyè fi òwe bá wọn wí, wọ́n sì sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn àríyànjiyàn gbígbóná, gbogbo ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé kí ọ̀gá ilé-ìwé dá owó náà padà. Ọ̀gá ilé-ìwé fi ìbínú jáde."

Akọ̀wé yìí kò purọ́ tí ó mọ̀ pé irọ́ ni. Bóyá ó tilẹ̀ gbà pé òun ti ṣe déédéé sí tọ̀tún tòsì, níwọ̀n bí ó ti fún ẹni méjèèjì ní ìbínú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó yàn. Nínú èdè wa, ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́. Bí a bá ti kọ "jẹ́wọ́", a ti dá ẹjọ́ kí ayẹ̀wé-owó-wò tó ṣí ìwé. "Ó ń wá àwíjàre" túmọ̀ sí pé a kò gbà á gbọ́. "Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀" sì ń tọ́ka sí gbogbo ìpàdé àtẹ̀yìnwá. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀gbẹ́ kò pọ̀ ní èdè wa fún irú ipò yìí, ṣùgbọ́n wọ́n tó lò: ó sọ, ó ṣàlàyé, ó béèrè, ó dáhùn, ó jábọ̀, ó dá àbá. A lè fi mẹ́fà wọ̀nyí kọ ìwé ọdún mẹ́wàá. Ìgbà tí ọwọ́ wa bá fẹ́ kọ "takú", tàbí "sẹ́", tàbí "figbe ta", a máa ń dá bíírò dúró ní ìṣẹ́jú kan.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àkọsílẹ̀ kò ní láti bẹ̀rù, tí àwa tí ń fi Yorùbá kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Olóyè ni akọ̀wé pè ní "wọ́n", ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn aṣojú méjèèjì ni ó pè ní "ó". Ní ẹnu, ìwà ọmọlúàbí ni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni pe àgbàlagbà ní "ó" lójúkojú. Nínú ìwé, ẹni tí a pè ní "wọ́n" ti ga ju ẹni tí a pè ní "ó" lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti wúwo jù. Bẹ́ẹ̀ ni "wọ́n" tún lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀: nígbà tí ìwé ní "wọ́n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀", ṣé Olóyè nìkan ni, àbí gbogbo ìjókòó? Ọ̀nà tí a ń gbà yẹra fún un ni pé ipò oníkálukú ni a ń kọ, a ó sì tún un kọ nígbàkúùgbà tí ó bá yẹ: alága, akápò, aṣojú àwọn òbí. Bàbá, Màmá, Ẹ̀gbọ́n àti Olóyè a máa wà nínú orúkọ àwọn tí ó wá sí ìpàdé, ní òkè ìwé, níbi tí a ti kọ orúkọ àti oyè gbogbo ènìyàn ní pípé. Lẹ́yìn ibẹ̀, ipò ni.

Òwe ńkọ́? Àwọn àgbà wa kì í ṣe ìpàdé láì pa òwe, ó sì máa ń dun akọ̀wé láti fi òwe tí ó dára sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe nínú ìpàdé tí ìjà wà nínú rẹ̀ a máa ní ẹni tí a pa á mọ́. Ní ìjókòó, ẹ̀rín lè tẹ̀lé e, ẹni tí a pa á mọ́ lè fi òwe mìíràn dá a padà, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Nínú ìwé, ẹ̀rín kò sí, ìdáhùn kò sí. Bí a bá kọ òwe ajá tàbí òwe olè, ajá àti olè ni yóò máa jẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá kà á. A kò tíì rí òwe kan tí ó jẹ́ ìpinnu. Nítorí náà a kì í kọ wọ́n.

Àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ nínú ìwé yẹn kò sí nínú èyíkéyìí tí a ti kà sílẹ̀. Ó wà nínú ìpinnu fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ gbígbóná ni wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. "Kí ọ̀gá ilé-ìwé dá owó náà padà": láti inú àpò ta ni? Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé láti inú owó oṣù rẹ̀ ni. Ohun tí ìgbìmọ̀ dìbò lé lórí ni pé kí a mú owó náà láti inú àpò ilé-ìwé padà sí àpò òrùlé, ní sáà mẹ́ta. Ní ti "gbogbo ìgbìmọ̀ fẹnu kò", ènìyàn mẹ́rin ni kò fọwọ́ sí i. Àwọn mẹ́rin náà yóò ka ìwé yìí, wọn yóò rí i pé a ti fi orúkọ wọn sí ohun tí wọ́n kọ̀, ìjà kejì yóò sì bẹ̀rẹ̀. "Fẹnu kò" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó dùn lẹ́nu wa nínú ìjọ. Ìgbà tí kò bá sí ẹni tí ó tako ọ̀rọ̀ nìkan ni kí a lò ó. Bí a bá dìbò, "ìgbìmọ̀ pinnu" ni.

Èyí ni bí àwa yóò ti kọ ìpàdé kan náà:

"Owó òrùlé ilé ibùgbé àwọn ọmọbìnrin. Akápò jábọ̀ pé nínú 4,800,000 náírà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kó jọ fún òrùlé, a ti san 1,350,000 náírà fún àtúnṣe ẹ̀rọ omi. 3,450,000 náírà ló kù ní báńkì. Ọ̀gá ilé-ìwé ṣàlàyé ìnáwó náà, ó sì fi rìsíìtì mẹ́rin sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ jíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dá àbá pé kí a dá 1,350,000 náírà padà sí àpò òrùlé láti inú àpò ilé-ìwé, ní 450,000 náírà ní sáà kọ̀ọ̀kan fún sáà mẹ́ta. Aṣojú àwọn òbí dá àbá àtúnṣe pé kí a fi kún un pé kí ayẹ̀wé-owó-wò yẹ àwọn rìsíìtì náà wò, kí ó sì jábọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ gba àtúnṣe náà. Ìbò lórí àbá pẹ̀lú àtúnṣe rẹ̀: ẹni mẹ́fà fọwọ́ sí i, ẹni mẹ́rin kò fọwọ́ sí i, ẹnì kan kò dìbò. Àbá wọlé. Akápò ni yóò mú ìpinnu yìí ṣẹ.

"Ọ̀gá ilé-ìwé kúrò ní ìpàdé ní aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú."

Wákàtí kan tí wọ́n fi jiyàn ti di ọ̀rọ̀ márùn-ún: "Ìgbìmọ̀ jíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà." Àwọn kan ti sọ fún wa pé èyí jẹ́ fífi òtítọ́ pamọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Iye owó wà níbẹ̀, a sì rí i pé owó òrùlé ni wọ́n ná sí omi. Ẹni tí ó dá àbá wà níbẹ̀, ìyapa ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀ ní iye orí, àti aago tí ọ̀gá ilé-ìwé jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i bóyá owó òrùlé pé yóò mọ̀. Ohun tí a yọ kúrò ni bí ara ṣe gbóná tó, ìyẹn kò sì ní jẹ́ kí òrùlé má jò.

Ẹ̀sùn olówó ni ó ṣòro jù. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun sọ pé ẹnì kan jí owó, kí ni akọ̀wé yóò ṣe? A kì í bá a jiyàn. A máa ń yí sí alága, a ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àbá ni?" Bí ó bá jẹ́ àbá, ẹni náà yóò ní láti sọ ohun tí ó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe: kí a yẹ ìwé wò, kí a yan ìgbìmọ̀ kékeré, kí a kọ̀wé sí báńkì. Ìyẹn ni a ó kọ. Bí kò bá jẹ́ àbá, kò wọ ìwé. Nínú ìrírí wa, ìbéèrè kékeré yìí máa ń mú ohùn wálẹ̀ ju kí alága máa lu tábìlì lọ, nítorí ó ń yí ẹ̀sùn padà sí iṣẹ́ tí a lè ṣe.

Àbá fúnra rẹ̀ ni a kì í jẹ́ kí ó dé orí ìbò kí a tó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dájú. A máa ń fi pépà pélébé sí ẹ̀gbẹ́ wa. Bí ẹnì kan bá dá àbá, a ó fún un ní pépà kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, tàbí kí àwa kọ ọ́ kí ó sì kà á. Nígbà tí alága bá fẹ́ ní kí wọ́n dìbò, a ó gba àyè, a ó ka àbá náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú iye owó, ẹni tí yóò ṣe é, àti ìgbà tí yóò parí. Ibẹ̀ ni ẹnì kan yóò ti pariwo pé, "Rárá o, láti inú àpò ilé-ìwé ni a sọ!" Ó sàn kí ó pariwo nígbà náà ju oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà lọ.

Àwọn ohun kan wà tí àìṣègbè kò fún akọ̀wé láyè láti fò. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá ní kí a kọ orúkọ òun sí àwọn tí kò fọwọ́ sí ìpinnu, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Orúkọ nìkan, láìsí ìwàásù tí ó tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ pé àbúrò ọ̀kan nínú wọn ni ó tún ẹ̀rọ omi ṣe, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, àwa sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé ó sọ ọ́, àti bóyá ó dìbò tàbí kò dìbò. Aago tí ènìyàn jáde ṣe pàtàkì nítorí pé, bí ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó kù kò bá tó iye tí òfin ẹgbẹ́ béèrè, ìpinnu tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá sì dá olùkọ́ kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìdí tí wọ́n fi ṣe é gbọ́dọ̀ wọ ìwé, nítorí olùkọ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n kí ó sì dáhùn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa wà lórí ìwé ọ̀tọ̀, lọ́dọ̀ alága àti akọ̀wé. Ìwé báwọ̀nyí lè dé ilé ẹjọ́. Òfin tí ó de àwọn ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2020, ka àkọsílẹ̀ tí alága bá ti fọwọ́ sí sí ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé, títí ẹnì kan yóò fi mú ẹ̀rí mìíràn wá. Ilé-ìwé tí kì í ṣe irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàápàá yóò rí i pé ìwé yìí ni lọ́yà kọ́kọ́ ń béèrè.

Nípa kíkọ rẹ̀ jáde, ọjọ́ kejì ìpàdé ni ó dára jù, nígbà tí orí ti tutù ṣùgbọ́n tí a kò tíì gbàgbé. A ó kọ sí orí rẹ̀ gàdàgbà pé: "A kò tíì fọwọ́ sí i." Alága ni yóò kọ́kọ́ rí i. Alága lè tún iye owó tàbí orúkọ tí kò tọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti mú ìpinnu tí kò dùn mọ́ ọn rọ̀; a ti ní láti sọ ìyẹn fún alága kan rí, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Lóde òní, ewu mìíràn ti dé: ẹnì kan yóò ya fọ́tò ìwé tí a kò tíì fọwọ́ sí, yóò fi í sórí Wásáàpù, kí ilẹ̀ tó ṣú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń jà lórí rẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ń kọ gbogbo ìwé, àní èyí tí a kò tíì fọwọ́ sí, bí ẹni pé ẹni tí a dárúkọ nínú rẹ̀ yóò kà á lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìpàdé tí ó tẹ̀lé e bá dé, a ó ka àkọsílẹ̀, alága yóò sì béèrè bóyá àtúnṣe wà. Ibí ni ìjà àtijọ́ ti máa ń fẹ́ jí. Ẹni tí ó pàdánù ìbò yóò dìde pé a kò kọ gbogbo àlàyé òun. A ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé a kò kọ àlàyé ẹnikẹ́ni, ti àwọn tí ó borí pàápàá. Ìdáhùn yìí kò ṣeé sọ àfi bí ó bá jẹ́ òtítọ́, nítorí náà bí a bá fún ẹnì kan ní ìlà mẹ́ta, a ti jẹ gbogbo àwọn yòókù ní gbèsè. Bí ó bá ní iye tí a kọ kò tọ́, ìyẹn yàtọ̀: ìgbìmọ̀ yóò wò ó, a ó sì kọ àtúnṣe náà sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé tuntun, láì ha ti àtijọ́. Àwọn kan sì máa ń rò pé bí àwọn bá gbà pé àkọsílẹ̀ tọ́, àwọn ti gba ìpinnu nìyẹn. Alága ní láti là á yé wọn pé ohun tí a ń béèrè kò ju èyí lọ: ṣé bí ó ti ṣẹlẹ̀ ni a ti kọ ọ́? Ẹni tí ó tako àbá tọkàntọkàn lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nínú ìgbìmọ̀ kan tí a sìn fún ọdún mẹ́sàn-án, ìyapa wọn kò tán ní gbogbo ọdún náà. Ṣùgbọ́n ó di àṣà níbẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó pàdánù ìbò ni yóò dá àbá kí a tẹ́wọ́ gba àkọsílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pa á láṣẹ. Lẹ́yìn náà, alága á fọwọ́ sí i, àwa á ya ìwé tí a fi lẹ́ẹ̀dì kọ ní ìjókòó sí wẹ́wẹ́, a ó sì ṣí ewé tuntun fún ọ̀rọ̀ tí ó kàn.